Àyè Kúrò Lẹ́nu Iṣẹ́ fún Iṣẹ́ Ẹgbẹ́: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀tọ́ Olóyè Òṣìṣẹ́ Lábẹ́ Àdéhùn

Láàárín gbogbo ìwé tí ń kọjá lórí tábìlì máníjà tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ìbáà ṣe ìwé ìsinmi ọdún, ìbáà ṣe ìwé ẹ̀yáwó, ìbáà ṣe ìwé dókítà ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kò sí èyí tí í mú ọ̀gá fajú ro bí ìwé tí alága tàbí akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá kọ, pé kí a yọ̀ǹda òun fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí òun lè lọ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rán òun, kí owó oṣù òun má sì dín. Ọ̀gá yóò ka ìwé náà tán, yóò bi ara rẹ̀ léèrè pé: èmi ni mo gba ẹni yìí síṣẹ́, èmi ni mo ń sanwó fún un, ṣé èmi náà ni kí n tún máa sanwó ọjọ́ tí ó fi ń lọ kọ́ bí yóò ti bá mi du ọ̀rọ̀? Olóyè ẹgbẹ́ ní tirẹ̀ yóò dáhùn pé àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ni òun tọ́ka sí, òun kò tọrọ báárà. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ohun tí a sì fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ibi tí ẹsẹ̀ olúkúlùkù dé, pàápàá ní ilẹ̀ Nàìjíríà wa, níbi tí òfin ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí tí kò parí rẹ̀, tí ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àdéhùn.

Ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa da irú méjì pọ̀. Akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ tí ó jókòó sí orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́, owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá lóṣooṣù ni a fi ń san owó oṣù tirẹ̀. Kò sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kankan tí yóò bèèrè àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n alága ẹ̀ka, akọ̀wé ẹ̀ka àti akápò ẹ̀ka, ẹni tí ń dúró ti ẹ̀rọ ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ ni wọ́n, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dìbò fún kí wọ́n lè máa ṣe ẹnu fún wọn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń ru ẹrù méjì lórí kan ṣoṣo. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò rìn pọ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò pe ìpàdé, ẹni tí yóò pe ìpàdé sì gbọ́dọ̀ ní wákàtí tí yóò fi pè é, wákàtí náà kò sì sí níbòmíràn ju inú wákàtí tí ó ti tà fún agbanisíṣẹ́ lọ, nítorí pé àwọn ọ̀gá tí yóò bá jókòó sọ̀rọ̀ kì í dúró ní ọ́fíìsì di alẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ tirẹ̀.

Ogun ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ rí. Ní 1938 ni ìjọba àwọn òyìnbó ṣe òfin tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ máa forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kò sọ olóyè ẹgbẹ́ di ẹni tí a kò lè fọwọ́ kàn. Michael Imoudu, akọni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ẹni tí àwọn ará ìlú ń pè ní aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́, Nọ́ńbà Kìn-ín-ní, ilé-iṣẹ́ rélùwéè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1943, ìjọba sì mú un kúrò ní Èkó lọ há mọ́ Auchi, títí di 1945 tí wọ́n fi dá a sílẹ̀, tí ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún náà sì tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń ṣe olóyè ẹgbẹ́ mọ̀ pé òun lè jí lọ́jọ́ kan kí òun má níṣẹ́ mọ́.

Òmìnira Nàìjíríà kò tíì pé oṣù kan nígbà tí ìjọba tuntun fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé kejìdínlọ́gọ́rùn-ún ti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, èyí tí wọ́n ti ṣe láti 1949. Nínú rẹ̀ ni a ti kà pé a kò gbọ́dọ̀ lé òṣìṣẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìyà kankan jẹ ẹ́, nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́ tí ó ṣe lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́, tàbí èyí tí ó ṣe láàárín wákàtí iṣẹ́ pẹ̀lú ìyọ̀ǹda agbanisíṣẹ́. Òfin iṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 1974 gbé ọ̀rọ̀ kan náà sínú abala rẹ̀ kẹsàn-án. Kí òǹkàwé fara balẹ̀ wo gbólóhùn náà dáradára, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà. Lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́, òfin dáàbò bo olóyè ẹgbẹ́ láìbèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín wákàtí iṣẹ́, ààbò náà kò sí àfi bí agbanisíṣẹ́ bá ti yọ̀ǹda. Òfin kò sọ pé kí agbanisíṣẹ́ yọ̀ǹda, kò sọ iye wákàtí tí yóò yọ̀ǹda, kò sì sọ bóyá owó yóò máa wọlé ní wákàtí náà. Ó tún kù díẹ̀ káàtó ní ọ̀nà mìíràn: òṣìṣẹ́ tí òfin yìí ń sọ ni ẹni tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ọ́fíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ti àṣẹ pípa tàbí ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kò sí lábẹ́ rẹ̀ rárá.

Àlàfo tí òfin fi sílẹ̀ yìí ni àdéhùn láàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ wá dí. Ohun tí àdéhùn náà ń ṣe, ní ojú tèmi, ni pé ó jẹ́ ìyọ̀ǹda tí agbanisíṣẹ́ ti fún ni ṣáájú, kí ọjọ́ tí a ó lò ó tó dé. Nítorí náà, olóyè ẹgbẹ́ tí ó bá tọ́ka sí àdéhùn kò wá gba ìyọ̀ǹda tuntun. Ó wá sọ fún ọ̀gá pé ọjọ́ tí àwọn jọ sọ ti dé. Ṣùgbọ́n èyí náà ni kò jẹ́ kí ó lè gbà ju ohun tí a kọ lọ. Bí àdéhùn bá sọ pé ọjọ́ 10 lọ́dún, ọjọ́ kọkànlá ti bọ́ sọ́wọ́ àánú ọ̀gá.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ tí a fọkàn rò ṣe é, kí ọ̀rọ̀ má bàa fò lókè. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ilé-iṣẹ́ kan wà ní Ìbàdàn, Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, tí ń rọ ohun mímu sínú ìgò. Kí a gbà pé akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ níbẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí ń dé ìgò, tí ó sì wà ní ṣíífìtì ọ̀sán ní ọ̀sẹ̀ tí à ń sọ, láti aago méjì ọ̀sán di aago mẹ́wàá alẹ́. Ìpín kẹrìnlá àdéhùn wọn sọ pé olóyè ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè gba àyè ọjọ́ 10 lọ́dún pẹ̀lú owó rẹ̀ fún ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ẹgbẹ́ bá pè é sí. Pé ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ máníjà ní ọjọ́ 14 ṣáájú, pẹ̀lú ìwé ìpè láti orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́. Pé ilé-iṣẹ́ kò ní kọ̀ láìkọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Àti pé ìpàdé tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá pe olóyè sí kò sí lára ọjọ́ 10 náà. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ṣe iyebíye. Ibi tí a kò bá ti kọ ọ́, ọ̀gá ọlọ́gbọ́n kan yóò pe ìpàdé mẹ́fà láti jíròrò ọ̀rọ̀ owó oṣù, nígbà tí yóò bá sì fi di oṣù Kẹsàn-án, olóyè ẹgbẹ́ ti ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀ sínú ìpàdé tí ọ̀gá pè.

Akọ̀wé wa ti lo ọjọ́ 6 nínú 10. Orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ pè é sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ 3 ní Èkó, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun di Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: 6 àti 3 jẹ́ 9, ó ku 1. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé ńkọ́? Bí ó bá kúrò nídìí ẹ̀rọ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Ajé, kò lè dé Èkó láìfi ẹ̀mí wewu lójú ọ̀nà òru. Àdéhùn kò sì sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ ìrìn-àjò. Ọ̀pọ̀ olóyè a máa kọ ọjọ́ 4 sínú ìwé wọn bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ni àdéhùn fún wọn, èyí a sì fún máníjà láyè láti sọ pé ìwé náà kò bá àdéhùn mu, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Akọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ yóò ya ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Ìwé rẹ̀ lè lọ báyìí:

“Ẹ̀yin Ọ̀gá wa, mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ mú un wá sí etígbọ̀ọ́ yín pé orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa ti pè mí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn akọ̀wé ẹ̀ka, tí yóò wáyé ní Èkó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Ìwé ìpè náà wà lẹ́yìn èyí. Gẹ́gẹ́ bí ìpín kẹrìnlá àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ jọ fọwọ́ sí ti wí, mo ń lo ọjọ́ 3 nínú ọjọ́ 10 tí ó jẹ́ tèmi lọ́dún yìí. Mo ti lo 6 ṣáájú, yóò sì ku 1. Lọ́tọ̀ sí èyí, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí n ṣe ṣíífìtì òwúrọ̀ ní ọjọ́ Ajé dípò ti ọ̀sán, kí n lè wọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnìkejì mi nídìí ẹ̀rọ ti gbà láti bá mi ṣe pàṣípààrọ̀, fóòmáàn wa sì ti mọ̀ sí i. Èmi ni tiyín ní tòótọ́.”

Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó. Síbẹ̀, kì í ṣe ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan ni agbára ìwé yìí. Ó dárúkọ ìpín àdéhùn, ó ka ọjọ́ tí a ti lò àti èyí tí ó kù, ó fi ẹ̀rí ìpè hàn, ó sì ti wá ẹni tí yóò dúró ti ẹ̀rọ, nítorí pé ohun tí ń ká máníjà lára jù ni ẹ̀rọ tí kò ní ẹni tí yóò dúró tì í. Máníjà tí ó bá fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò wá ìdí tì, kò sì ní rọrùn fún un láti kọ ìdí náà sílẹ̀. Ẹ fi wé ìwé tí mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí a kọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, tí ó sọ pé “nítorí ipò mi gẹ́gẹ́ bí alága,” tí kò dárúkọ ìpàdé, tí kò tọ́ka sí ìpín kankan. Ipò alága kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Àdéhùn ni ìyọ̀ǹda.

Bí máníjà bá wá kọ̀ ńkọ́? Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí olóyè mọ̀ ni pé kò gbọ́dọ̀ lọ láìgbàyè, bí ó ti wù kí ọ̀ràn náà dùn ún tó. Ẹni tí ó bá di ẹrù rẹ̀ tí ó lọ sí Èkó pẹ̀lú ìbínú ti bọ́ kúrò lábẹ́ ààbò abala kẹsàn-án yẹn, nítorí pé ìyọ̀ǹda tí òfin béèrè ti di ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Kúẹ́rì yóò dé, ìwé ìkìlọ̀ yóò tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ yóò sì máa gbèjà ẹni tí ó pa iṣẹ́ jẹ dípò kí ó máa gbèjà àdéhùn. Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ohun tí ó tọ́ ni kí ó gba ìkọ̀sílẹ̀ náà ní kíkọ, kí ó sì gbé e sí ọ̀nà ẹ̀sùn tí ó wà nínú àdéhùn: láti ọ̀dọ̀ fóòmáàn dé ọ̀dọ̀ máníjà, láti ọ̀dọ̀ máníjà dé ìgbìmọ̀ ẹ̀ka pẹ̀lú àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́, láti ibẹ̀ dé orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́. Òfin aáwọ̀ iṣẹ́ béèrè pé kí a kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà tí àwa fúnra wa ti là sílẹ̀. Bí ó bá kùnà, kí ìhà méjèèjì pàdé láàárín ọjọ́ 7 níwájú onílàjà tí wọ́n jọ fọwọ́ sí. Lóòótọ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọjá kí gbogbo èyí tó parí. Ìjà náà kì í ṣe nítorí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Nítorí gbogbo èyí tí ń bọ̀ ni.

Àdéhùn fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ní eyín láti fi gé nǹkan jẹ ní ilé-ẹjọ́? Ọjọ́ pẹ́ tí ìdáhùn kò fi dùn gbọ́. Òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó kà á sí àdéhùn ọmọlúàbí, tí a ń pa mọ́ nítorí ọlá, tí ilé-ẹjọ́ kì í fi agbára mú ni ṣe. Nínú ẹjọ́ Union Bank àti Edet, tí ó wọ ìwé ìròyìn ẹjọ́ ní 1993, Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: àfi bí a bá ti fà á wọ inú àdéhùn iṣẹ́ òṣìṣẹ́ náà gan-an, kò lè fi pe agbanisíṣẹ́ lẹ́jọ́. Àtúnṣe kẹta sí òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011, yí ilẹ̀ yìí padà díẹ̀, nítorí pé ó fún Ilé-Ẹjọ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè ní agbára láti túmọ̀ àdéhùn ẹgbẹ́ àti láti sọ bí a ó ti lò ó, ilé-ẹjọ́ náà sì ní ẹ̀ka ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó gbára lé èyí nìkan. Kí olóyè mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tirẹ̀ jáde kúrò nínú àpótí kí ó sì kà á. Bí ó bá wà níbẹ̀ pé àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ ń bá ẹgbẹ́ ṣe wà lára ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mókè. Bí kò bá sí, iṣẹ́ ṣì wà níwájú.

Nǹkan méjì wà tí àdéhùn wa kì í sábà sọ, tí wọ́n sì ń fa gbọ́nmi-si-i-omi-ò-tó jù. Èkíní ni ẹni tí ń ṣe ṣíífìtì òru. Ó ṣíwọ́ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ìpàdé pẹ̀lú ọ̀gá sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ọ̀gá yóò ní kò sí àyè tí ó ń bèèrè, nítorí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní wákàtí náà. Òtítọ́ lójú ìwé, ìkà lójú ènìyàn: ẹni náà yóò jókòó ìpàdé láìsùn, yóò sì tún padà sídìí ẹ̀rọ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Èkejì ni ìtumọ̀ “pẹ̀lú owó rẹ̀.” Olóyè a máa rò pé gbogbo owó ni, oṣù parí, owó oṣù gan-an pé, ṣùgbọ́n àlàwáǹsì ṣíífìtì ti lọ, owó tí a ń fún ẹni tí kò pa iṣẹ́ jẹ ti lọ. Ibi tí a ti ń mọ̀ ni ìwé owó oṣù, kì í ṣe ìwé ìyọ̀ǹda. Kí olóyè fi ti oṣù tí ó gba àyè wé ti oṣù tí ó ṣáájú, yóò rí ibi tí wọ́n ti gé e.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àti lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí. Láti 1975 ni òfin wọn ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́, òfin 1992 sì ni ó gbé e ró nísinsìnyí: olóyè ẹgbẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ti gbà gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ní àyè tí ó bá mọ́gbọ́n dání, pẹ̀lú owó, láti bá ọ̀gá jíròrò àti láti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Àwọn náà sì fi ààlà sí i, nítorí pé ìgbòkègbodò ẹgbẹ́ lásán, bí ìpàdé ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ìdìbò, wọn yóò fún ni láyè ṣùgbọ́n òfin kò fi dandan lé owó. Bí wọ́n bá fi dù ú, oṣù 3 ni ó ní láti gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ iṣẹ́. Èmi kò rò pé kí a máa ṣe ìlara wọn ju bí ó ti yẹ lọ. “Tí ó bá mọ́gbọ́n dání” jẹ́ gbólóhùn tí agbẹjọ́rò méjì lè fi jẹun fún ọdún kan, nígbà tí “ọjọ́ 10 lọ́dún” kò ní agbẹjọ́rò tí yóò yí i.

Àwọn agbanisíṣẹ́ náà ní ẹjọ́ tiwọn. A ti rí olóyè tí ó gba àyè ìpàdé tí ó sì lọ ṣe òkú àna rẹ̀, a sì ti rí èyí tí ó gba ọjọ́ mẹ́ta fún ìpàdé ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí yóò gba oyè lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé máníjà kì í gbàgbé. Ìwé ẹ̀rí pé a wà níbẹ̀, tí orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ fi òǹtẹ̀ lù, tí a fi lé ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí a padà, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Èyí sì yàtọ̀ pátápátá sí ìyanṣẹ́lódì, níbi tí òfin Nàìjíríà ti sọ pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gba owó. Àyè tí a gbà lábẹ́ àdéhùn, owó rẹ̀ ti wà nínú àdéhùn.

Ìdájọ́ tèmi ni pé ẹ̀tọ́ yìí wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò wà nínú òfin tó bí ó ti wà nínú ìwé tí ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ jọ kọ. Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè tí àdéhùn yín yóò dé orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó oṣù nìkan gba gbogbo ọjọ́ ìjíròrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye ọjọ́, kí wọ́n kọ ọjọ́ ìrìn-àjò, kí wọ́n kọ ìsinmi ẹni tí ó ṣe ṣíífìtì òru, kí wọ́n dárúkọ gbogbo àlàwáǹsì tí a kò gbọ́dọ̀ gé, kí wọ́n sì fa gbogbo rẹ̀ wọ inú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.